Àpótí Ni Kí Á Máa Pààrọ̀, Kì Í Ṣe Ìwé

 Ẹ̀yin ará Ayépé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, iṣẹ́ tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n sọ bí àdúgbò tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tí àwọn tó lè yọ̀ǹda ara wọn níbẹ̀ kò sì ju mẹ́rin márùn-ún lọ, ṣe lè dá ibi ìpààrọ̀ ìwé sílẹ̀, tàbí kí ó ní ilé ìkàwé kékeré kan tó ń rìn káàkiri. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ka méjèèjì sí nǹkan kan náà. Lójú tèmi, ọ̀nà wọn jìn síra, ìlú tó bá sì ti ibi tí kò bá a mu bẹ̀rẹ̀ máa ná owó díẹ̀ tó ní tán kí ọdún tó yí po. Ohun tí mo fẹ́ fi yé yín lónìí ni pé ní ìlú tó dà bí Ayépé, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé kò ti ní ìwé kankan tó kọjá ìwé ilé ẹ̀kọ́ àti ìwé mímọ́, kò yẹ kí á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìpààrọ̀ ìwé láàárín ẹnì kan sí ẹnì kejì, kò sì yẹ kí á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀. Kí á yá ìwé fún àwọn èèyàn láti inú àpótí tó jókòó sí àdúgbò wọn, kí àwọn àdúgbò sì máa pààrọ̀ àpótí náà láàárín ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo ìpààrọ̀ ìwé, nítorí òun ló dà bí ẹni pé kò ná èèyàn ní nǹkan kan. Ní 2009, ní ìlú Hudson ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Todd Bol kan àpótí kékeré kan bí ilé ẹ̀kọ́, ó fi rántí ìyá rẹ̀ tó jẹ́ olùkọ́, ó gbé e síwájú ilé, ó kó ìwé sínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń kọjá lè mú ìwé kan kí ó sì fi òmíràn síbẹ̀. Láti ibẹ̀ ni Little Free Library ti tàn dé orílẹ̀-èdè púpọ̀. Ìdí tó fi tàn kò ṣòro láti rí: ìwé ti kún ilé àwọn èèyàn wọ̀nyẹn tẹ́lẹ̀, wọ́n tiẹ̀ ń wá ẹni tó máa bá wọn kó o lọ ni. Àdúgbò tó bá rí báyìí lọ́dọ̀ wa, bí àwọn ẹ́sítéètì kan ní Èkó tàbí àdúgbò àwọn olùkọ́ yunifásítì, lè ṣe é kí ó yọrí. Ṣùgbọ́n ní ibi tí ìwé ti ṣọ̀wọ́n, ohun méjì ló máa ń ba ìpààrọ̀ jẹ́. Àkọ́kọ́ ni pé ìwé tó dára máa ń jáde, èyí tí kò dára ló máa ń wọlé. Ẹni tó mú ìwé ìtàn aláwọ̀ mèremère lọ lè fi ìwé ìbéèrè ìdánwò ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn dípò rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa bi í, torí pé ó ti fi ìwé sílẹ̀ lóòótọ́. Láàárín oṣù mélòó kan, káléńdà ìsìnkú, ìwé pélébé àwọn ajíhìnrere àti ìwé àfikún kíláàsì tí èèpo rẹ̀ ti ya ni yóò kún inú àpótí. Èkejì le ju ìyẹn lọ: ọmọ tí kò ní ìwé kankan nílé kò ní ohun tí yóò fi ṣe pààrọ̀, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni a torí rẹ̀ dá nǹkan náà sílẹ̀. Ó máa dúró síta, àwọn tó ti ní ni yóò máa fún ara wọn.

Yíyá ìwé kò ní àléébù méjèèjì yìí, nítorí ìwé náà ṣì jẹ́ ti àpótí, ọmọ tí kò ní nǹkan kan sì lè yá a. Àléébù tirẹ̀ ni pé ìwé díẹ̀ máa ń tètè sú èèyàn. Bí ẹ bá kó ogójì ìwé sí ìsọ̀ aránṣọ kan, ẹ máa rí i nínú ìwé àkọsílẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ kìíní àti ìkejì á kún fún orúkọ, àmọ́ tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, orúkọ mẹ́ta mẹ́rin ló máa kù. Ọ̀pọ̀ olùdásílẹ̀ máa ń rí èyí, wọ́n á ní àwọn ọmọ wa kò fẹ́ràn ìwé. Bẹ́ẹ̀ àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ jù ti ka èyí tó wù wọ́n tán ni. Ibí yìí ni ìpààrọ̀ àpótí ti wọlé, ọgbọ́n rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti èésú tí gbogbo wa mọ̀: owó tí ẹnì kan dá kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń yípo láàárín èèyàn mélòó kan ni olúkúlùkù fi ń rí owó ńlá gbà. Bí àdúgbò mẹ́rin bá ní àpótí kọ̀ọ̀kan, ogójì ìwé nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àdúgbò kọ̀ọ̀kan ra ogójì péré, ṣùgbọ́n nígbà tí àpótí bá fi máa yí po tán, àwọn ọmọ àdúgbò náà á ti rí ọgọ́jọ.

Èmi kọ́ ni mo dá ọgbọ́n yìí. Ní 1916, nígbà tí wọ́n ń wá bí ìwé ṣe máa dé àwọn abúlé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àgbègbè Staffordshire gba owó lọ́wọ́ àjọ Carnegie, wọ́n sì ń fi àpótí ìwé ránṣẹ́ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ abúlé. Olùkọ́ ni wọ́n fi ṣe alábòójútó, wọ́n ń gba àpótí tó ti pẹ́ níbẹ̀, wọ́n ń gbé òmíràn wá. Ní Gold Coast tí í ṣe Gánà òní, àpótí ìwé wà lára ohun tí wọ́n fi dé ìlú àti ilé ẹ̀kọ́ tó jìnnà sí Àkírà, ní àwọn ọdún tó ṣáájú kí Gold Coast Library Board tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1950. Ẹ̀rí tí mo fẹ́ dúró lé jù ni ti Washington County ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, nítorí ibẹ̀ làwọn èèyàn máa ń tọ́ka sí bí wọ́n bá fẹ́ sọ pé ọkọ̀ ìwé ni ìbẹ̀rẹ̀ ohun gbogbo. Òótọ́ ni pé ní 1905, Mary Titcomb, olórí ilé ìkàwé Hagerstown, fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin kan gbé ìwé lọ bá àwọn àgbẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Ohun tí wọn kì í sábà sọ ni pé kí kẹ̀kẹ́ ẹṣin náà tó jáde, Titcomb ti kọ́kọ́ kó àpótí ìwé sí àwọn ìsọ̀ àti ilé ìfìwéránṣẹ́ káàkiri àgbègbè náà. Lẹ́yìn tí ó rí i pé ìwé kò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbé oko tó jìn ló tó wá ọkọ̀. Ní 1910, rélùwéè gbá kẹ̀kẹ́ ẹṣin náà fọ́ níbi tó ti ń sọdá ojú irin, ìrìn rẹ̀ sì dúró títí di 1912 tí wọ́n rí ọkọ̀ amọ́tò rọ́pò rẹ̀. Ilé ìkàwé tó ní ilé, tó ní òṣìṣẹ́ tó ń gbowó oṣù, nìyẹn o, ọdún méjì sì ni wọ́n fi wà láìsí ọkọ̀. Ẹ wá wo bí yóò ti rí fún ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún tó jẹ́ pé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan ṣoṣo ni gbogbo ìwé rẹ̀ wà, tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ bá kọ iṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, kò sì parọ́. Fúnmi Ìlọ̀rí dá iRead Mobile Library sílẹ̀ ní 2013 pẹ̀lú owó ìrànlọ́wọ́ tó gbà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nínú ètò YouWiN!, àwọn ọkọ̀ rẹ̀ sì ń gbé ìwé lọ bá àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ àti àdúgbò. Ṣùgbọ́n ohun méjì ló ya ọ̀rọ̀ ti Èkó sọ́tọ̀. Olùkọ́ ni obìnrin náà, ó ti ń yá àwọn ọmọ ní ìwé káàkiri ilé kí ọkọ̀ tó dé, nítorí náà ó ti mọ ìwé tí wọ́n ń béèrè kó tó ná owó ńlá. Èkejì ni pé ní Èkó, ọkọ̀ kan lè bá ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ ní òpópónà kan ṣoṣo, tí iye owó epo tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń jẹ á fi kéré. Ní Ayépé, ọkọ̀ yóò rìn, yóò dúró, yóò bá ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, yóò tún rìn. Owó epo oṣù kan, owó táyà àti ti mẹkáníìkì tó ohun tí a fi ń ra ìwé kún àpótí kan. Ọkọ̀ ní àkókò tirẹ̀; ó máa dé nígbà tí àkọsílẹ̀ àpótí bá fi hàn pé ibì kan wà tí ìwé kò lè dé láìsí i. Títí dìgbà náà, ọ̀kadà tó, bárò pàápàá tó.

Àpótí náà ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí káfíńtà kan án tóbi. Ìwé àwọn ọmọdé tinrin. Ogójì rẹ̀, pẹ̀lú ti àgbà díẹ̀ nínú, kì í sábà ju kílò mẹ́jọ lọ, kí àpótí fúnra rẹ̀ sì fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn kan á fi lè rù ú. Èyí tó dára ni èyí tó ṣí bí kọ́bọ́ọ̀dù nígbà tí wọ́n bá gbé e nàró, tí pákó pẹlẹbẹ kan sì pín inú rẹ̀ sí méjì kí ojú ìwé lè hàn. Ọmọ kì í yan ìwé tí kò rí iwájú rẹ̀. Kí ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin kúkúrú, nítorí ikán àti ọ̀rinrin láti ilẹ̀ ló ń pa ìwé jù lọ ní àgbègbè wa yìí. Bí ẹ bá ṣí i tí òórùn rẹ̀ dà bí ti aṣọ tí kò gbẹ, tàbí tí àmì funfun hàn lára èèpo ìwé, ìwé ti ń bu nìyẹn, ẹ kó o jáde sábẹ́ ibòji tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kì í ṣe inú oòrùn gangan, torí oòrùn máa ń ká èèpo ìwé kò. Ìwé tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń tú, aránṣọ lè fi òwú líle gán an ní ojú mẹ́ta kó tó fọ́nká. Sẹ́lótéèpù rọrùn, ṣùgbọ́n yóò di pupa, yóò gbẹ, yóò sì ya ìwé síwájú sí i.

Ìwé wo ló yẹ kó wà nínú rẹ̀? Mo lè dá a lábàá pé kí ogún jẹ́ ti àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kàwé, kí méjìlá jẹ́ ti àwọn tó ti ń ka ìtàn gígùn, kí mẹ́jọ yòókù jẹ́ ti àgbà. Lára mẹ́jọ yẹn, ẹ wá ìwé Fágúnwà, ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí àti ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá, nítorí ìyá tó bá ń ka ìwé ló máa rántí pé ọmọ rẹ̀ gbé ìwé wálé. Èdè Yorùbá ló máa ṣòro láti rí fún àwọn ọmọdé. Aláwìíyé ti J. F. Ọdúnjọ ṣì wà lọ́jà, ṣùgbọ́n kíláàsì ni wọ́n ṣe é fún. Ohun tó ń ran èèyàn lọ́wọ́ ni African Storybook, níbi tí ìtàn kéékèèké tó ní àwòrán wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní oríṣiríṣi èdè Áfíríkà, Yorùbá wà lára wọn, òfin rẹ̀ sì gbà kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà fúnra yín. Ìwé ojú ewé mẹ́rìndínlógún kò ju bébà mẹ́rin lọ bí a bá tẹ̀ ẹ́ sí iwájú àti ẹ̀yìn, tí a ká a, tí a sì gán àárín rẹ̀. Ní ti ìwé àlòkù, abẹ́ afárá Ojúẹlẹ́gba àti Yábà ní Èkó ni ẹ máa ti rí i ní owó pọ́ọ́kú, kí ẹni tó mọ ìwé sì lọ yàn án fúnra rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún àpò ìwé tí àwọn ará òkè òkun bá fi ta yín lọ́rẹ láìbéèrè. Ìtàn yìnyín àti ọdún Kérésì, ìwé ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ayé àtijọ́, ló sábà máa ń pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ lè kọ̀ ọ́. Àpótí tí ìwé méjìlá rere wà nínú ogójì máa ń dà bí àpótí òfìfo lójú ọmọdé.

Kathy Knowles rí nǹkan kan náà ní Àkírà. Ará Kánádà ni, ní 1990 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn fún àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ aládùúgbò nínú ọgbà ilé rẹ̀, tó sì ń yá wọn ní ìwé. Nígbà tí àwọn ọmọ pọ̀ ju ọgbà lọ, wọ́n sọ kọ̀ǹténà ọkọ̀ ojú omi kan di ilé ìkàwé ọmọdé ní àdúgbò Osu, wọ́n sì ṣí i ní 1992. Lẹ́yìn náà, òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwé fúnra wọn, pẹ̀lú fọ́tò àwọn ọmọ Gánà àti ohun tí wọ́n ń rí lójoojúmọ́. Ẹ kíyè sí bí ó ṣe tò tẹ̀ léra: òǹkàwé, ìwé, lẹ́yìn náà ni ilé.

Àtakò tó le jù tí ẹ máa gbọ́ ni pé wọ́n á jí ìwé. Wọ́n á jí díẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí à ń pè ní olè ni ìwé tó wà lábẹ́ ibùsùn, ìwé tí àbúrò ya, ìwé tí ọmọ gbé lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde nígbà ìsinmi. Ẹ fi nọ́ńbà sára ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ti àpótí àkọ́kọ́ jẹ́ A1 dé A40, ti ìkejì B1 dé B40, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ sì lẹ àkọsílẹ̀ gbogbo ìwé mọ́ inú ìdérí àpótí. Ìwé kíkọ ilé ẹ̀kọ́ kan tó fún yíyá: nọ́ńbà ìwé, orúkọ ọmọ àti ti ilé rẹ̀, ọjọ́ tó yá, ọjọ́ tó dá padà. Ìwé kan péré lẹ́ẹ̀kan, kò sì ní rí òmíràn títí yóò fi dá a padà. Ẹ má ṣe gba owó ìtanràn. Ọmọ tó jẹ náírà kò ní wá mọ́, àti òun àti ìwé náà ló máa sọnù. Kí ẹ wá ka ìpàdánù mọ́ ìnáwó bí ẹni tó ń ta ẹyin ṣe ń ka èyí tó fọ́. Bí ìwé méjì bá sọnù nínú àpótí kọ̀ọ̀kan nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá ṣípò, mẹ́jọ nìyẹn. Bí àpótí bá ṣípò ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún, ìwé méjìlélọ́gbọ̀n ni ẹ máa rà láti fi dí àlàfo, ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ọgọ́jọ. Iye yẹn ni kí ẹ fi síwájú ẹni tó bá fẹ́ ṣe onígbọ̀wọ́, kó má bàa jẹ́ ìyàlẹ́nu. Bí ibùdó kan bá ń pàdánù mẹ́fà tàbí méje nígbà tí àwọn yòókù ń pàdánù ẹyọ kan, ibùdó ni ẹ lọ wò, ẹ má bú àwọn ọmọ àdúgbò náà. Ẹ sábà máa bá a pé àpótí ṣí sílẹ̀ nígbà tí alábòójútó kò sí níbẹ̀.

Àwọn mìíràn á ní fóònù ti gba ipò ìwé. Fóònù wo? Ti ìyá ni, ó wà lọ́wọ́ ìyá lọ́jà, dátà rẹ̀ sì ń tán. Ọmọ ọdún méje tó ń kọ́ bí a ṣe ń kàwé nílò ohun tó máa dúró lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Èyí tó ń pa irú iṣẹ́ yìí jù lọ kì í ṣe olè, kì í ṣe fóònù. Ó ń rẹ àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn. Ẹni tó ní láti kúrò nílé rẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́ ló máa kọ́kọ́ rẹ̀. Nítorí náà, kí alábòójútó jẹ́ ẹni tó ti jókòó síbì kan tẹ́lẹ̀: aránṣọ, onígbàjámọ̀, ẹni tó ní kẹ́míìsì, ìyá tó ń ta gàrí ní iwájú ilé. Wákàtí méjì ní ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀ ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kí ọjọ́ náà má sì yí padà láé, torí ọmọ tó bá àpótí ní títì lẹ́ẹ̀mejì kò ní wá lẹ́ẹ̀kẹta. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Táí Ṣólàrín ní Ìjagun lè wá ka ìtàn fún àwọn ọmọ, wọ́n sì lè ṣe é dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ àpótí sí wọn lọ́wọ́. Ìsinmi ń bọ̀, ìdánwò ń bọ̀, ìyanṣẹ́lódì pàápàá kì í jìnnà.

Kí àpótí máa ṣípò lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Táàmù ilé ẹ̀kọ́ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìṣípò méjì, nítorí náà táàmù méjì ni àpótí mẹ́rin fi máa yí po, táàmù kẹta á wà fún àtúnṣe àti ríra ìwé tuntun. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, kò sí yíyá, dídá padà nìkan ni. Alábòójútó àti ẹni tó wá gbé àpótí á jọ ka ìwé mọ́ àkọsílẹ̀ inú ìdérí, àwọn méjèèjì á sì fọwọ́ sí i. Iṣẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fò ó lẹ́ẹ̀kan péré, kò sí ẹni tó máa mọ ibi tí ìwé ti sọnù mọ́.

Ní ti owó, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ní ohun tí àwọn ibòmíràn kò ní. Àwọn regbèrégbè tó ń dá owó aṣọ fún Ojúde Ọba mọ bí a ti ń dáwó, wọ́n sì mọ bí a ti ń bi ara wọn bí owó bá dínkù. Kí regbèrégbè kan gba àpótí kan, kí orúkọ wọn wà lára rẹ̀, kí wọ́n sì máa dí àlàfo ìwé mẹ́jọ tirẹ̀ lọ́dọọdún. Ìdíje máa wà níbẹ̀, kò burú. Bí àpótí mẹ́rin bá ti ń yípo láìjákulẹ̀ fún ọdún kan, ẹ lè bá àwọn ará Odógbolú tàbí Òṣósà sọ̀rọ̀ kí tiwọn àti tiyín máa ṣe pààrọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé àpótí kan jáde, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìlú, kí baálẹ̀ tàbí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè fọwọ́ sí i, pé ìlú ló ni ìwé wọ̀nyí, kì í ṣe ẹni tó ń bójú tó wọn. Ẹni tó dá a sílẹ̀ lè ríṣẹ́ sí Èkó lọ́la, bí kò bá sí àkọsílẹ̀ yẹn, inú búùtù ọkọ̀ rẹ̀ ni àpótí yín máa bá a lọ.